Òfò Kan, Ojú Mẹ́ta: Bí Owó Náírà Ṣe Yẹ Kó Rí Nínú Ṣáàtì

Ká sọ pé ilé iṣẹ́ kan wà nílùú Ọ̀yọ́ tó ń ṣe gàrí àti èlùbọ́, tó ń dì wọ́n sínú àpò, tó sì ní ẹ̀ka tó ń tà wọ́n ní Kútọnu. Nígbà tí ọdún parí, wọ́n ṣírò owó wọn ní oṣù mẹ́ta-mẹ́ta. Oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́ mú èrè ₦48,350,000 wá. Ìkejì mú ₦12,900,000 wá. Nígbà tó di ìkẹta, ẹ̀gẹ́ wọ́n lọ́jà, ẹ̀rọ ìfagàrí sì dákẹ́, ni wọ́n bá ṣòfò ₦7,640,000. Ní ìkẹrin, èrè padà wọlé, ó jẹ́ ₦31,275,000. Bí a bá ro èrè mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀, tí a yọ òfò kúrò, ohun tó kù fún ọdún náà jẹ́ ₦84,885,000.

Òfò oṣù mẹ́ta kẹta yẹn ni kí ẹ fojú sí. Ìwé àbọ̀ ọdún tí wọ́n fẹ́ pín fún àwọn tó ní ìpín nínú ilé iṣẹ́ náà ní ṣáàtì mẹ́ta tí òfò yìí ti fara hàn, ọwọ́ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ló sì ya ọ̀kọ̀ọ̀kan. Lójú ìwé kẹrin, `-7640000` ni wọ́n kọ sábẹ́ òpó. Lójú ìwé kẹsàn-án, `(7,640)` ni. Lójú ìwé kẹẹ̀ẹ́dógún, `-₦7.6m` ni. Akáwùńtáǹtì tó bá wò ó yóò rẹ́rìn-ín, nítorí ó mọ̀ pé owó kan náà ni. Àmọ́ màmá oníṣòwò tó fi owó ara rẹ̀ ra ìpín, tó wá síbi ìpàdé láti gbọ́ bí nǹkan ṣe ń lọ, ó lẹ́tọ̀ọ́ láti dìde kó béèrè pé, “Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin ọ̀gá, òfò mélòó la ṣe gan-an?”

Kò sẹ́ni tó ṣírò àṣìṣe nínú àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ni pé wọn ò fẹnu kò lórí bí wọn yóò ṣe máa kọ owó. Ojútùú rẹ̀ kò sì sí lọ́wọ́ ẹni tó ń ya ṣáàtì, ó ti bẹ̀rẹ̀ láti inú àpótí tí wọ́n tẹ iye náà sí nínú Excel. Iye tó wà nínú àpótí ni ara. Àmì náírà, kọ́mà àti àkámọ́ ni aṣọ tí a wọ̀ fún un. Aṣọ ṣeé pààrọ̀ nígbàkígbà láìfọwọ́ kan ara. Wàhálà dé nígbà tí ẹnì kan bá rán aṣọ mọ́ ara.

Báyìí ni wọ́n ṣe ń rán an mọ́ ọn. Ọ̀pọ̀ nínú wa ni kò rí ₦ lórí bọ́tìnnì kọ̀ǹpútà, nítorí náà à ń kọ N, tàbí =N=, tàbí # tí àwọn ọmọ òde òní ń lò nínú àtẹ̀jíṣẹ́. Bí ẹ bá tẹ `N12,900,000` sínú àpótí Excel, kọ̀ǹpútà kò ní rí i bí owó, ọ̀rọ̀ lásán ni yóò kà á sí, bí ẹni tó kọ orúkọ ènìyàn síbẹ̀. `SUM` yóò fò ó dá bó bá ń ṣe àròpọ̀, kò sì ní pariwo pé òun fo nǹkan kan. Ṣáàtì yóò ya á sí òdo: òpó oṣù mẹ́ta kejì yóò pòórá, àwọn tó ń wò ó yóò sì rò pé ilé iṣẹ́ náà kò pa kọ́bọ̀ nígbà yẹn. Kódà ₦ gidi lè fa irú èyí bí a kò bá tíì ṣètò kọ̀ǹpútà náà sí Nàìjíríà, torí pé kò mọ̀ pé àmì owó ni.

Ọ̀nà tí ẹ lè fi dá a mọ̀ rọrùn. Bí ẹnikẹ́ni kò bá tíì fọwọ́ kan ètò àpótí, iye máa ń fara ti ọwọ́ ọ̀tún, ọ̀rọ̀ sì máa ń fara ti ọwọ́ òsì. Bí ẹ bá rí owó kan tó dá fara ti òsì láàárín àwọn tó fara ti ọ̀tún, ẹ tẹ̀ ẹ́ wò. Ẹ pa lẹ́tà àti àmì tó wà nínú rẹ̀ rẹ́, kó ku `12900000` nìkan. Fún òfò, ẹ tẹ `-7640000`. Bí ẹ bá tẹ `(7640000)` náà, Excel yóò gbà pé òfò ni, yóò sì tọ́jú rẹ̀ bí iye tó wà lábẹ́ òdo.

Lẹ́yìn náà ni ọ̀rọ̀ ìwọ̀n kàn. Ṣé náírà gangan la ó máa kọ ni, àbí ẹgbẹ̀rún náírà, àbí mílíọ̀nù? Òfin ìṣirò owó àgbáyé tí wọ́n ń pè ní IAS 1, tí àwọn ilé iṣẹ́ tó ń ta ìpín ní ọjà ìdókòwò Nàìjíríà bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀ lé ní ọdún 2012, sọ pé kí ìwé ìṣirò fi hàn kedere irú owó tí wọ́n fi kọ ọ́ àti bí wọ́n ṣe gé e kúrú. Ìdí nìyẹn tí ẹ fi máa ń rí ₦'000 lókè òpó nínú ìwé ìṣirò àwọn báńkì. Ṣùgbọ́n òfin náà kò sọ bóyá àkámọ́ tàbí àmì ayọkúrò ni kí ẹ fi kọ òfò, kò sì wá yẹ ṣáàtì yín wò. Ilé iṣẹ́ fúnra rẹ̀ ló máa pinnu ìyẹn, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo, kó sì kọ ọ́ sílẹ̀.

Fún ilé iṣẹ́ gàrí wa, mílíọ̀nù ni mo máa mú, pẹ̀lú ẹyọ nọ́ńbà kan lẹ́yìn pọ́ìntì. Bí a bá kọ gbogbo rẹ̀ tán, òpó kọ̀ọ̀kan yóò gbé nọ́ńbà méje tàbí mẹ́jọ àti kọ́mà méjì, wọn yóò sì máa gun ara wọn lórí. Bí a bá sì gé e sí mílíọ̀nù láìsí pọ́ìntì, 12.9 yóò di 13, òfò 7.6 yóò di 8, èyí sì ti ń jìnnà jù fún ilé iṣẹ́ tí owó rẹ̀ kò tó bílíọ̀nù. Àmì ₦ kò ní wà lórí òpó kankan. Ẹ̀ẹ̀kan ni yóò jáde nínú ṣáàtì kọ̀ọ̀kan, lábẹ́ àkọlé, báyìí: “₦ mílíọ̀nù”. Mo mọ̀ pé àwọn ọ̀gá kan fẹ́ràn kí ₦ máa tàn lórí gbogbo òpó. Ẹ̀ṣọ́ ni, kò fi nǹkan kan kún ohun tí ènìyàn mọ̀. Ẹ má sì kọ M ńlá níbì kan, kí ẹ wá kọ m kékeré níbòmíràn, nítorí àwọn oníṣirò kan wà tí M dúró fún ẹgbẹ̀rún lọ́dọ̀ wọn. Ẹ kọ “mílíọ̀nù” tán.

Báwo la ṣe ń wọ aṣọ yìí fún iye? Nínú Excel, ẹ lọ sí `Format Cells`, lẹ́yìn náà `Number`, lẹ́yìn náà `Custom`, kí ẹ tẹ èyí:

```
#,##0.0,,_);(#,##0.0,,);"–"_)
```

Ó lè dẹ́rù ba ojú, ṣùgbọ́n apá mẹ́ta péré ló ní, àmì `;` ló sì pààlà láàárín wọn. Apá kìíní wà fún èrè, ìkejì wà fún òfò, ìkẹta wà fún òdo. Kọ́mà tó wà láàárín `#` àti `##0` ló ń sọ pé kí a máa fi kọ́mà ya ẹgbẹ̀rún sọ́tọ̀. Àwọn kọ́mà méjì tó wà lẹ́yìn, níbi tí nọ́ńbà parí sí, iṣẹ́ tiwọn yàtọ̀: ọ̀kọ̀ọ̀kan ń gé ẹgbẹ̀rún kan kúrò lójú, nítorí náà méjì jẹ́ mílíọ̀nù. Iye inú àpótí kò yí padà, 48350000 ló ṣì jẹ́, àmọ́ 48.4 ni ojú yóò rí. `_)` ń fi àyè tó fẹ̀ tó àkámọ́ kan sílẹ̀ lẹ́yìn èrè, kí pọ́ìntì èrè àti ti òfò lè wà ní ìlà kan náà bí a bá tò wọ́n sínú tébù. Òdo yóò jáde bí ìlà kékeré. Ẹ kíyè sí i pé nínú ètò yìí, `#` kì í ṣe náírà rárá, àyè nọ́ńbà ni.

Bí èyí bá ti wà nínú àpótí, ó yẹ kí ṣáàtì tẹ̀ lé e fúnra rẹ̀. Níbí gan-an ni èyí tó pọ̀ jù nínú ìdàrúdàpọ̀ ti ń bẹ̀rẹ̀. Ìlà ìwọ̀n tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣáàtì ní ètò tirẹ̀, àwọn iye tí a kọ sórí òpó náà sì ní tiwọn. Nínú ètò méjèèjì, lábẹ́ `Number`, àpótí kékeré kan wà tí wọ́n kọ `Linked to source` sí. Tí ó bá ní àmì, ṣáàtì ń wo ojú àpótí, ohun tí àpótí bá wọ̀ ni òun náà yóò wọ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí ẹnì kan bá ti lọ yan ètò mìíràn nínú ṣáàtì, bóyá ó kàn fẹ́ yọ pọ́ìntì kúrò ní kíákíá, àmì yẹn yóò kúrò. Láti ìgbà náà lọ, bí ẹ tilẹ̀ yí àpótí padà lọ́nà mẹ́wàá, ṣáàtì yẹn kò ní gbọ́. Bí `-7640000` ṣe dé ojú ìwé kẹrin nìyẹn: wọ́n tún àpótí ṣe lẹ́yìn tí ìdè ti já.

Ohun mìíràn tún wà tó ń jẹ́ `Display units`, ó wà lára ètò ìlà ìwọ̀n, ó sì lè sọ owó di ẹgbẹ̀rún tàbí mílíọ̀nù nínú ṣáàtì nìkan. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ yan ọ̀kan nínú méjèèjì. Ẹni tó bá lo kọ́mà méjì nínú àpótí, tó tún yan `Millions` níbí, yóò gé mílíọ̀nù kúrò lẹ́ẹ̀mejì, gbogbo òpó yóò sì ka 0.0 tàbí (0.0). Ìyẹn ṣì dára, torí pé ó hàn. Èyí tó burú ni kí ẹ lo kọ́mà kan àti `Thousands`: owó náà yóò tọ̀nà ní mílíọ̀nù, ṣùgbọ́n àkọlé yóò sọ pé ẹgbẹ̀rún ni, kò sì sẹ́ni tí yóò fura.

Ibì kan ṣoṣo wà tí mo gbà pé kí ìdè yẹn já. Nínú tébù àti lórí òpó, ìlà kékeré dára fún òdo, nítorí ohun tó ń sọ ni pé kò sí owó níbẹ̀. Lórí ìlà ìwọ̀n, òdo jẹ́ ibi tí èrè àti òfò ti pínyà, ó yẹ kí ojú rí `0` níbẹ̀. Ìlà ìwọ̀n kò sì nílò pọ́ìntì bí ó bá ń ka 10, 20, 30. Nítorí náà, èyí ni kí ẹ tẹ̀ fún un nínú gbogbo ṣáàtì, láì yọ ọ̀kan sílẹ̀:

```
#,##0,,_);(#,##0,,);0_)
```

Ní ti òfò, àkámọ́ ni mo fara mọ́, kì í ṣe torí pé àmì ayọkúrò burú. Ìwé ìṣirò tó wà níwájú ṣáàtì ti ń lo àkámọ́, kò sì dára kí ojú kọ́ èdè tuntun láàárín ojú ìwé méjì. Àmì ayọkúrò tí a ń tẹ̀ lórí bọ́tìnnì sì kéré, ó máa ń sọ nù bí wọ́n bá ya ẹ̀dà ìwé. Bí ó bá bọ́ sí ìparí ìlà nínú gbólóhùn, ó lè dúró síbẹ̀ kí 7.6 bọ́ sí ìlà tó tẹ̀ lé e bí èrè. Àkámọ́ méjì kò lè sọ nù bẹ́ẹ̀. Àwọn kan ń lo àwọ̀ pupa. Kò sí ìjà, ṣùgbọ́n ẹ má jẹ́ kó dá iṣẹ́ náà ṣe. Ẹ̀rọ ìtẹ̀wé dúdú-àti-funfun yóò pa pupa dà sí eérú, àwọn ènìyàn kan sì wà tí ojú wọn kì í fìyàtọ̀ sáàárín pupa àti àwọ̀ ewé.

Òfò tún ní ìwà méjì nínú ṣáàtì tí èrè kò ní. Àkọ́kọ́, òpó rẹ̀ máa ń sọ̀ kalẹ̀ lábẹ́ òdo, ibẹ̀ náà sì ni Excel ń kọ orúkọ àwọn oṣù sí. Wọn yóò wá gun ara wọn. Ẹ tẹ ìlà orúkọ náà, ẹ lọ sí `Labels`, kí ẹ yan `Low` lábẹ́ `Label Position`, orúkọ yóò sì lọ sí ìsàlẹ̀ pátápátá. Ìkejì ni ètò kan tó ń jẹ́ `Invert if negative`. Tí ó bá ní àmì, òpó òfò lè di funfun, kó ku etí rẹ̀ nìkan, tàbí kó má tilẹ̀ hàn rárá lórí ìwé funfun. Èyí tó yẹ kí gbogbo ènìyàn kọ́kọ́ rí ló wá di èyí tó fara pamọ́! Mi ò rò pé ilé iṣẹ́ tó ń ṣe é ń mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é, àmọ́ bó ṣe ń rí lójú ẹni tó ní ìpín nìyẹn.

Nǹkan kan ń da àwọn tí kì í ṣe oníṣirò láàmú níbí, ó sì yẹ ká dúró tì í díẹ̀. Nínú ìwé èrè àti òfò, wọ́n máa ń fi àkámọ́ kọ ìnáwó. Owó ẹ̀gẹ́, owó dísù àti owó oṣù òṣìṣẹ́ wà nínú àkámọ́ nítorí pé a ó yọ wọ́n kúrò nínú owó tó wọlé. Wọn kì í ṣe òfò. Nígbà tí ẹnì kan bá wá mú òpó ìnáwó yẹn bó ṣe wà, tó fi ya ṣáàtì “Ibi tí owó wa lọ”, gbogbo òpó yóò dorí kodò, owó dísù tó pọ̀ jù ni yóò sì sọ̀ kalẹ̀ jù, bíi pé ó kéré jù. Ẹ ṣe òpó mìíràn lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ tí yóò yí àmì náà padà, bíi `=-B5`, kí ẹ fi ìyẹn ya ṣáàtì. Àwọn kan máa ń lo `ABS`, èyí tó ń sọ gbogbo iye di èyí tó wà lókè òdo. Ó yá, ṣùgbọ́n ó ń bo nǹkan mọ́lẹ̀. Bí oníṣòwò dísù bá dá owó padà fún yín lóṣù kan, tó fi jẹ́ pé ìnáwó oṣù yẹn bọ́ sí òdì kejì, `ABS` yóò yà á bíi pé ẹ náwó sí i.

Ní báyìí tí gbogbo ṣáàtì ti ń sọ èdè kan, ẹni tó mọ ìṣirò yóò tún rí nǹkan kan. Lórí àwọn òpó, a ó kà 48.4, 12.9, (7.6) àti 31.3. Bí ó bá mú ẹ̀rọ ìṣirò, tó ro wọ́n pọ̀, 85.0 ni yóò rí. Ṣáàtì sì kọ 84.9 fún ọdún náà. Kọ̀ǹpútà kò purọ́. 48.35 ló di 48.4, 31.275 ló di 31.3, òfò 7.64 sì di 7.6, gbogbo wọn tì í sókè díẹ̀díẹ̀, nígbà tí àpapọ̀ gidi, 84.885, di 84.9. Ẹ má ṣe fọwọ́ yí 48.4 padà sí 48.3 kó lè bára mu, torí pé 48.4 náà yóò jáde nínú ṣáàtì mìíràn, ọ̀rọ̀ yóò sì tún padà síbi tí a ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ kọ gbólóhùn kan sí ìsàlẹ̀ pé àpapọ̀ lè yàtọ̀ díẹ̀ nítorí gígé iye kúrú. Bákan náà, bí ẹ bá rí `(0.0)`, kì í ṣe òdo. Òfò kékeré kan ni, bíi ₦30,000, tó kéré ju ohun tí mílíọ̀nù lè gbé lọ. Àkámọ́ rẹ̀ tọ̀nà, ẹ fi í sílẹ̀.

Ó ku Kútọnu. Ní orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀ àti Tógò, bí wọ́n ṣe ń kọ owó nílé ìwé àti ní ọ́fíìsì jẹ́ ti Faransé: àyè díẹ̀ ló ń ya ẹgbẹ̀rún sọ́tọ̀, kọ́mà ló sì ń ṣe iṣẹ́ tí pọ́ìntì ń ṣe fún wa. Ohun tí a kọ bíi 48,350,000.50 ni wọ́n ń kọ bíi 48 350 000,50. Bí fáìlì Excel yín bá délẹ̀ lórí kọ̀ǹpútà ọ̀gá ẹ̀ka tó wà níbẹ̀, iye inú àpótí yóò wọ aṣọ ìlú náà fúnra rẹ̀, kò sì séwu. Ewu wà nínú ohun tó ti dì: àwòrán ṣáàtì, ìwé PDF, tàbí iye tí ẹnì kan ti tẹ̀ bí ọ̀rọ̀. Ṣáàtì ojú ìwé kẹsàn-án tó wà ní ẹgbẹ̀rún náírà kọ èrè àkọ́kọ́ bíi `48,350`. Ọmọ Kútọnu tó bá kà á bó ṣe kọ́ ọ nílé ìwé yóò rí méjìdínláàádọ́ta àti díẹ̀, ẹgbẹ̀rún náírà. Mílíọ̀nù ti di ẹgbẹ̀rún lójú rẹ̀, kò sì ní rí ìdí kankan láti bi yín.

Mílíọ̀nù tí a yàn ràn wá lọ́wọ́ níbí láìròtẹ́lẹ̀, nítorí kò sí kọ́mà kankan nínú 48.4, pọ́ìntì rẹ̀ kò sì ṣòro fún ẹni tó ti rí ẹ̀rọ ìṣirò rí. Bí ilé iṣẹ́ náà bá dàgbà tó fi di pé èrè rẹ̀ ń wọ 1,204.6 mílíọ̀nù, kọ́mà yóò padà dé. Nígbà náà, kí wọ́n gòkè lọ sí bílíọ̀nù nínú gbogbo ṣáàtì lọ́jọ́ kan náà, tàbí kí wọ́n kọ ọ́ sábẹ́ àkọlé ẹ̀dà Kútọnu pé kọ́mà ló ń ya ẹgbẹ̀rún sọ́tọ̀ nínú ìwé yìí. Àwọn ọdún tó ti kọjá tí wọ́n fi ṣe àfiwé gbọ́dọ̀ bá wọn gòkè pẹ̀lú, kí 84.9 ti ọdún yìí di 0.08 níbẹ̀. Bí 0.08 yẹn bá sì kéré jù lójú wọn láti sọ ohunkóhun, á jẹ́ pé àkókò bílíọ̀nù kò tíì tó.